Bánkì dá àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ olùdarí wa padà

Ìbéèrè: Èmi ni akọ̀wé iléeṣẹ́ wa. Olùdarí mẹ́rin la ní, ìwé òfin iléeṣẹ́ sì ní kí mẹ́ta péjú kí ìpàdé tó lè dúró. Mẹ́ta wá. Wọ́n fọwọ́ sí i pé ká yá mílíọ̀nù 50 lọ́wọ́ bánkì láti fi ra ẹ̀rọ, ká sì fi ilé ìkẹ́rùsí wa dógò. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ló máa ta ẹ̀rọ fún wa. Kí ló dé tí bánkì ò gba àkọsílẹ̀ náà?

Ìdáhùn: Ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bí owó bá ti kúrò ní bánkì, ọwọ́ rẹ̀ ló ń lọ. Ó yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ìwé òfin yín wò dáadáa. Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ní kí ẹni tó máa jèrè nínú ọ̀rọ̀ kan má dìbò lórí rẹ̀, kí wọ́n má sì kà á mọ́ àwọn tó péjú fún un. Bí tiyín bá sọ bẹ́ẹ̀, èèyàn méjì péré lẹ ní, bí mẹ́ta tilẹ̀ jókòó. Agbẹjọ́rò bánkì tètè ń rí i, torí orúkọ kan náà ló wà lórí ìwé iye owó ẹ̀rọ àti lára orúkọ àwọn olùdarí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọjọ́ àtijọ́ sórí ìwé tuntun. Ẹ pe ìpàdé mìíràn, kí olùdarí kẹrin náà wá, kí àwọn mẹ́ta tí kò ní èrè kankan nínú rẹ̀ pinnu.

Nípàdé náà, ẹ gbé lẹ́tà tí bánkì fi gbà láti yáni lówó síwájú ìgbìmọ̀, torí bánkì lè béèrè ju ilé ìkẹ́rùsí lọ. Ìpinnu láti yáwó kì í ṣe ìpinnu láti dógò; ẹ kọ méjèèjì, báyìí:

“Ìgbìmọ̀ pinnu pé kí iléeṣẹ́ yá mílíọ̀nù 50 gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà bánkì ṣe là á sílẹ̀, pé kó fi ilé ìkẹ́rùsí tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà báyìí dógò fún owó náà, èlé rẹ̀ àti ìnáwó gbígba gbèsè, pé kí olùdarí kan àti akọ̀wé buwọ́ lu ìwé ìdógò lórúkọ iléeṣẹ́.”

Ẹ kọ orúkọ olùdarí tó máa buwọ́ lùwé, kó má sì jẹ́ ẹni tó ń ta ẹ̀rọ. Kí alága buwọ́ lu àkọsílẹ̀, kẹ́yin akọ̀wé jẹ́rìí sí ẹ̀dà tó ń lọ sí bánkì.

Ẹ tún kọ ẹni tó máa forúkọ ìdógò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí gbèdéke ìforúkọsílẹ̀ náà bá kọjá tí ẹ ò tíì ṣe é, tí iléeṣẹ́ sì wó, bánkì kò lè fi ìdógò yẹn ṣíwájú àwọn mìíràn tí iléeṣẹ́ jẹ lówó.