Oníbàárà tó wo ọjà tó sì lọ: bí ìpolówó ṣe ń pè é padà, àti iye ìgbà tó yẹ kó pè é

Bí ẹnìkan bá ná aṣọ lọ́jà Gbági n'Ìbàdàn, tí owó rẹ̀ kò bá ti ọlọ́jà mu, tó sì gbẹ́sẹ̀ kúrò níwájú ìsọ̀, ọlọ́jà á jẹ́ kó rìn díẹ̀, á wá pè é padà pé kó wá mú un. Ìpè yẹn ní àkókò tirẹ̀. Bó bá yá jù, oníbàárà á mọ̀ pé ó ṣì kù tí òun lè yọ lára owó náà. Bó bá pẹ́ jù, onítọ̀hún á ti dé ìsọ̀ ẹlòmíràn. Bí ọlọ́jà bá sì pè é nígbà mẹ́wàá, tó ń tẹ̀ lé e láti ìsọ̀ dé ibùdókọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọjà títà. Ìpolówó tó máa ń yọ sí ènìyàn lójú lórí Fesibúùkù tàbí Ínsítágíráàmù lẹ́yìn tó ti wo ọjà kan lórí ìkànnì tí kò sì rà á, irú ìpè yìí ni, àyàfi pé ẹni tó ń pè kò rí ojú oníbàárà, kò sì lè dá mọ̀ bóyá ó ti rà á.

Ó wọ́pọ̀ kí àwọn ènìyàn máa sọ pé fóònù ló ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín kò nílò etí kankan. Ẹni tó ni ìkànnì ló fi kóòdù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì sí ojú ewé ọjà rẹ̀, kóòdù náà ló sì ń ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìpolówó nígbàkigbà tí ẹnìkan bá ṣí ojú ewé náà. Ká sọ pé ìsọ̀ kan n'Ìbàdàn ń ta bílẹ́ńdà ní ₦45,000 lórí ìkànnì rẹ̀. Iṣẹ́ tí píksẹ́lì ti Mẹ́tà, ilé-iṣẹ́ tó ni Fesibúùkù, ń jẹ́ nìyí:

```
fbq('track', 'ViewContent', {
  content_ids: ['BL-204'],
  content_type: 'product',
  value: 45000,
  currency: 'NGN'
});
```

Bí ẹni náà bá sanwó, irú iṣẹ́ yìí kan náà ni yóò lọ láti ojú ewé ìdúpẹ́, ṣùgbọ́n `Purchase` ni yóò wà níbi tí `ViewContent` wà. Àmì ọjà náà, `BL-204`, gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú kátálọ́ọ̀gù, ìyẹn àkójọ ọjà tí olùtajà gbé fún Mẹ́tà, mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ á mọ̀ pé ẹnìkan wo nǹkan, kò sì ní mọ ohun tí yóò gbé padà wá fún un.

Inú iṣẹ́ méjèèjì yìí ni àkójọ àwọn tí a ó pè padà ti ń jáde, yíyọ kúrò ni a sì fi ń ṣe é: gbogbo ẹni tó wo bílẹ́ńdà láàárín ọjọ́ 14, yàtọ̀ sí àwọn tó ti rà á. Mẹ́tà gbà kí àkójọ bẹ́ẹ̀ rántí ènìyàn títí dé ọjọ́ 180, àwọn olùtajà kan a sì máa yan 180 nítorí pé àkójọ tó gùn dùn ún wò. Ẹni tó wo bílẹ́ńdà ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ti rà á níbòmíràn, tàbí kó ti pinnu pé ọlọ ìyá òun tó òun lò. Apá tó gbọ́n jù nínú gbogbo ètò yìí, lójú tèmi, ni pé ó mọ bí a ṣe ń gbàgbé: orúkọ á jábọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Fún ẹni tó ń ta ilẹ̀, ọjọ́ 180 lè má pọ̀ jù, torí pé ènìyàn a máa ro ti ilẹ̀ pẹ́. Fún bílẹ́ńdà, ọgbọ́n tí a sọ nù ni.

Apá tó sì rọ̀ jù ni yíyọ kúrò náà, torí pé ẹ̀rọ kò mọ ẹni tó rà ju ẹni tí a bá sọ fún un lọ. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọjà kì í parí lórí ìkànnì. Oníbàárà á wo bílẹ́ńdà, á tẹ bọ́tìnnì Wọ́tsáàpù, á béèrè iye tí wọ́n á fi gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́, á fi owó ránṣẹ́ láti inú áàpù báǹkì rẹ̀, ó parí. Ojú ewé ìdúpẹ́ kò ṣí, `Purchase` kò lọ. Lójú ẹ̀rọ, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó rà á lánàá àti ẹni tó kàn wò ó kọjá, ìdí sì nìyẹn tí bílẹ́ńdà tó ti ń lọ ata nílé ènìyàn fi ń tẹ̀ lé e káàkiri fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó ń ṣe ìkànnì kan nìyí, ká ka bílẹ́ńdà tó jáde nínú ìwé ìsọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan, ká fi wé iye `Purchase` tó wọlé lọ́sẹ̀ kan náà. Bí ìsọ̀ bá ta 40, tó jẹ́ pé 15 ni ẹ̀rọ gbọ́, a jẹ́ pé àwọn tó rà tí ìpolówó ṣì ń lé kiri lè tó 25.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, ó kàn ń sú ni ni. Olùtajà á máa kó nọ́ńbà fóònù àwọn tó rà lórí Wọ́tsáàpù sínú àkójọ ọ̀tọ̀, á gbé e wọ ibi ìpolówó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á sì ní kí wọ́n yọ àwọn yẹn kúrò. Kí nọ́ńbà náà tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni a ti máa ń lọ̀ ọ́ kúnná di àmì tí kò ṣeé kà. Mẹ́tà á lọ nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀ bákan náà, á wá fi ìyẹ̀fun wé ìyẹ̀fun. Òdo tó ṣíwájú nọ́ńbà ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Nọ́ńbà tí a kọ bíi 0803, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pè é láàárín ara wa, lè má bá ohunkóhun mu. 234803 ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ó sì yẹ kí oníbàárà ti mọ̀ pé a ó lo nọ́ńbà òun báyìí, torí pé òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 kan nọ́ńbà fóònù náà.

Ọ̀rọ̀ wá kan iye ìgbà, níbi tí àṣìṣe kan wà tó máa ń bí mi nínú. Nínú ìròyìn ìpolówó, òpó kan wà tí wọ́n kọ `Frequency` sí lórí. Bó bá jẹ́ 5 ló wà níbẹ̀, olùtajà á sọ pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan rí ìpolówó òun lẹ́ẹ̀marùn-ún. Rárá o. Wọ́n ka gbogbo ìgbà tí ìpolówó jáde, wọ́n fi iye ènìyàn tó rí i pín in; ìpíndọ́gba lásán ni. Ká mú ènìyàn 1,000 tí ìpolówó jáde sí ní ìgbà 5,000. Ó lè jẹ́ pé 700 nínú wọn rí i lẹ́ẹ̀kan péré, 200 rí i lẹ́ẹ̀mẹfà, 100 tó kù sì rí i ní ìgbà 31 ẹnìkọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ pé 5,000, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 5, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó rí i lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọmọ mẹ́wàá lè jókòó ti ọbẹ̀ tó ní ẹran mẹ́wàá, kí àgbà inú wọn kó mẹ́jọ jẹ. Ìṣirò á ṣì sọ pé ẹran kọ̀ọ̀kan ló kàn wọ́n.

Àwọn 100 yẹn kì í ṣe àwọn tó fẹ́ ra bílẹ́ńdà jù. Àwọn tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ wọn ni. Ní gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá ṣí áàpù, gbàǹjo kékeré kan ń wáyé láàárín àwọn ìpolówó tó fẹ́ yọ sí i, ìpolówó bílẹ́ńdà sì ń fi agbára wọ gbàǹjo náà torí pé ẹ̀rọ gbà pé ẹni tó ti wo ọjà súnmọ́ àtirà. Ẹni tó bá wọlé nígbà 40 lóòjọ́ ni gbàǹjo náà ń wáyé lórí rẹ̀ nígbà 40 ó kéré tán.

Gbèdéke ló ń dá èyí dúró. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ìpolówó tó ń gbé ìpolówó jáde, á ní ìwé kékeré kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, tó fi ń ka iye ìgbà tó ti rí ìpolówó náà. Bí iye náà bá ti pé, ìpolówó náà kò ní wọ gbàǹjo mọ́ títí ọjọ́ á fi yí. Nínú ìpolówó alálàwòrán ti Gúgù, olùtajà lè yan iye kan fún ọjọ́, ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Lọ́dọ̀ Mẹ́tà, ìpolówó tí a ṣe kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè gbọ́ orúkọ ọjà ni a lè fún ní irú gbèdéke bẹ́ẹ̀, bí àpẹẹrẹ ìgbà méjì láàárín ọjọ́ méje. Èyí tí a ṣe kí ọjà lè tà, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ni ọ̀pọ̀ olùtajà fi ń pe oníbàárà padà, kò ní irú gbèdéke bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń pinnu. Ohun tó kù lọ́wọ́ olùtajà ni owó tó ń ná.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Ká ní ènìyàn 2,000 nínú àkójọ náà ni ìpolówó lè bá, kí ìfarahàn 1,000 sì jẹ́ ₦1,000. Ẹni tó bá ń ná ₦10,000 lóòjọ́ ń ra ìfarahàn 10,000, ìyẹn ìgbà márùn-ún fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lóòjọ́, ìgbà 35 lọ́sẹ̀, ká tiẹ̀ má tíì sọ ti àwọn tó ń kó ẹran. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló fẹ́, ₦2,000 ti tó o. Àkójọ tó kéré pẹ̀lú owó tó pọ̀ ni orísun ìpolówó tó ń lé ènìyàn bí eṣinṣin, olùtajà náà kò sì ní mọ̀ àyàfi bó bá ṣe ìṣirò yìí.

Gbèdéke pàápàá ní ibi tó ti ń jò. Lórí Fesibúùkù, níbi tí ènìyàn ti ń fi orúkọ wọlé, fóònù rẹ̀ àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo. Lórí àwọn ìkànnì ìròyìn tí kì í béèrè orúkọ, kúkì, àmì kékeré tí wọ́n ń fi pamọ́ sórí ẹ̀rọ rẹ̀, ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì ní kúkì tirẹ̀: gbèdéke mẹ́ta lọ́sẹ̀ lè di mẹ́sàn-án fún ẹni tó ní fóònù méjì àti láptọ́ọ̀pù kan. Bó bá pa kúkì rẹ́, ìwé kíkà náà bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Láti oṣù kẹta ọdún 2020 sì ni Sàfárì, tó wà lórí áífóònù, ti ń dènà kúkì tó wá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, èyí tó mú kí ó ṣòro láti ka irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìbéèrè kan tí ìròyìn ìpolówó kì í dáhùn ni bóyá ẹni tí a pè padà ì bá ti padà wá fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé ká pín 2,000 yẹn sí méjì bí ẹni ṣẹ́ kèké, ká fi ìpolówó han 1,000, ká fi í pamọ́ fún 1,000 kejì fún ọjọ́ 14. Ká ní ẹni 30 rà nínú àwọn tó rí i, ẹni 24 sì rà nínú àwọn tí kò rí i. Ìròyìn á gba ògo 30. Ẹni mẹ́fà ni ìpolówó mú wá. Lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ 14, owó rẹ̀ jẹ́ ₦14,000: bí a bá fi 30 pín in, kò tó ₦500 lórí bílẹ́ńdà kan, bí a bá sì fi mẹ́fà pín in, ó lé ní ₦2,300. Ìyàtọ̀ mẹ́fà sì kéré débi pé ó lè jẹ́ èèṣì, nítorí náà ó yẹ ká tún un ṣe fún oṣù díẹ̀ kí a tó gbára lé e. Bí èrè tó wà lórí bílẹ́ńdà ₦45,000 kò bá lè gbé ₦2,300 yẹn, a ó dín owó ojoojúmọ́ kù, tàbí kí a sọ ọjọ́ 14 di ọjọ́ méje.