Hátì mẹ́sàn-án ló lè gbà mí: kí ló dé tí owó mi ń tán?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ìṣirò póka yìí. Éèsì hátì àti mẹ́fà hátì ló wà lọ́wọ́ mi. Fulọ́ọ̀pù, ìyẹn káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ orí tábìlì, dé: kíìngì hátì, mẹ́sàn-án hátì, mẹ́rin sípéèdì. 100 ṣíìpù ti wà láàárín tábìlì, ẹnìkan ṣoṣo tó kù sì fi 50 lé e. Hátì kan sí i ló kù kí n ní márùn-ún, ìyẹn fulọ́ọ̀ṣì. Mo ka hátì mẹ́sàn-án tó kù, mo sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ó jẹ́ 36 nínú 100. Iye tí mo nílò kò ju 25 lọ, ni mo bá san. Hátì kò wá lórí tọ́ọ̀nù, ìyẹn káàdì kẹrin, ẹni yẹn fi 120 lé e, mo sì ju káàdì mi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí lemọ́lemọ́. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ìdáhùn: Kíkà rẹ dára, 25 yẹn náà sì tọ̀nà. Ìlọ́po mẹ́rin ló fìyà jẹ ọ́. Àǹfààní káàdì méjì lo fi wé owó tó ra káàdì kan ṣoṣo.

Hátì 13 ló wà nínú páákì. Méjì wà lọ́wọ́ rẹ, méjì wà lórí tábìlì, ó ku mẹ́sàn-án. Àwọn yìí ni àwọn tó ń ta póka ń pè ní áótì, èmi a máa pè wọ́n ní káàdì ìgbàlà. Káàdì márùn-ún lo ti rí nínú 52, nítorí náà 47 ni o kò tíì rí. Má yọ káàdì ẹni kejì kúrò níbẹ̀ o. Ó dì wọ́n mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n o kò mọ̀ wọ́n, ó sì lè jẹ́ pé hátì wà nínú wọn.

Ní ti owó: 100 wà nílẹ̀, ó fi 50 kún un, tí ìwọ náà bá san 50, gbogbo rẹ̀ á di 200. Ìdá mẹ́rin owó náà ni tìrẹ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé láti fi owó tiwọn kún un, wọ́n á pín 50 sí 150, wọ́n á sì rò pé ìdá mẹ́ta ni. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

```
50 / (100 + 50 + 50) = 25%
9 / 47 = 19.1%
```

Ìlà kejì yẹn ni àǹfààní pé hátì á wá lórí tọ́ọ̀nù. Káàdì kan yẹn nìkan ni 50 rẹ rà, nítorí pé nígbà tí tọ́ọ̀nù bá dé, ẹni kejì ṣì lè tún béèrè owó kí o tó rí rífà, ìyẹn káàdì karùn-ún tó gbẹ̀yìn. Ohun tó ṣe fún ọ gan-an nìyẹn. 120 sórí 200 túmọ̀ sí pé o nílò 120 nínú 440, èyí tó lé ní 27 nínú 100. Àǹfààní rẹ sì jẹ́ 9 nínú 46, kò tó 20. O jáwọ́, ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ 36 tí o gbójú lé níbẹ̀rẹ̀ ti gbówó rífà tí o kò rí mọ́ ara rẹ̀.

Wò ó báyìí. Ká ní o dúró síbi kan náà ní ìgbà 47, tí hátì sì wá lórí tọ́ọ̀nù ní ìgbà mẹ́sàn-án. O jẹ 150 lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ìyẹn 1,350. O pàdánù 50 ní ìgbà 38, ìyẹn 1,900. 550 ti bá omi lọ, nǹkan bíi 12 ṣíìpù lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan. Kò pọ̀ lójú, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń ṣe é pẹ́ kó tó fura.

Tí owó ṣì lè wọlé lórí tọ́ọ̀nù, ìlọ́po méjì ni kí o lò: mẹ́sàn-án lọ́nà méjì, 18. Ó fi díẹ̀ dín sí òótọ́, kò sì sí ewu níbẹ̀. Lórí 100 tó wà nílẹ̀ yẹn, tí kò bá fi ju nǹkan bíi 31 lé e, 19 rẹ tó láti san án.

Ìbéèrè: Ṣé ìlọ́po mẹ́rin kò wá wúlò rárá nìyẹn?

Ìdáhùn: Ó wúlò nígbà tí owó ti tán lọ́wọ́ ọ̀kan nínú yín. Ká ní 50 yẹn ni gbogbo ohun tó kù fún ẹni kejì. Tí o bá san án, kò sẹ́ni tó tún lè béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ, tọ́ọ̀nù àti rífà ti di tìrẹ. Àǹfààní tó dájú níbẹ̀ jẹ́ 35 nínú 100, ó sì ju 25 lọ dáadáa. San án kíákíá. Má fi ìlọ́po mẹ́rin ka káàdì ìgbàlà púpọ̀ ṣá: fún 15, ó ń sọ 60, nígbà tó jẹ́ pé 54 ló jẹ́.

Ọ̀nà kejì tún wà tí 50 yẹn fi lè bójú mu, ìyẹn owó tí wàá rí gbà lẹ́yìn tí hátì bá ti wá. Láti dí àlàfo 550 yẹn, ìgbà mẹ́sàn-án tí o jẹ gbọ́dọ̀ mú nǹkan bíi 61 ṣíìpù sí i wá, ní ìpíndọ́gba. Ṣé ó máa ṣeé ṣe? Wo ẹni tó jókòó níwájú rẹ. Nígbà tí hátì mẹ́ta bá tò sórí tábìlì, ẹni tó mọ póka ta á fọwọ́ lérán. Ẹni tí kò lè fi kíìngì méjì sílẹ̀ á san án fún ọ. Tí ṣíìpù tó kù níwájú rẹ̀ kò bá tó 61, má tilẹ̀ ro ó.

Ìbéèrè: Éèsì mẹ́ta tó kù ńkọ́? Ṣé àwọn náà kì í ṣe káàdì ìgbàlà?

Ìdáhùn: Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Tí kíìngì àti mẹ́wàá bá wà lọ́wọ́ ẹni kejì, tí éèsì bá wá, ìwọ lo wà níwájú, torí éèsì méjì ju kíìngì méjì lọ. Káàdì ìgbàlà rẹ á di 12, 12 nínú 47 sì jẹ́ 25.5. O ti kọjá 25 ní bíńtín. Ṣùgbọ́n tí ó bá ní éèsì àti kíìngì, tàbí kíìngì àti mẹ́sàn-án, éèsì yẹn kò gbà ọ́, á kàn tàn ọ́ láti san owó sí i ni.

Hátì pàápàá kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló mọ́. Ká ní mẹ́sàn-án méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ti di mẹ́ta pẹ̀lú ti orí tábìlì. Tí mẹ́rin hátì bá wá, o ti ní fulọ́ọ̀ṣì, inú rẹ á dùn, àmọ́ mẹ́rin ti di méjì lórí tábìlì, òun sì ti ní fúùlù háòsì, ìyẹn mẹ́sàn-án mẹ́ta àti mẹ́rin méjì, tó ju fulọ́ọ̀ṣì lọ. Káàdì ìgbàlà tó sọ ọ́ di òkú nìyẹn. Mẹ́jọ lo ní níbẹ̀, kì í ṣe mẹ́sàn-án.

Èmi a máa ka éèsì mẹ́ta yẹn sí ọ̀kan àbọ̀ tí mi ò bá mọ ẹni náà. Ẹni tó dákẹ́ láti òwúrọ̀ tó wá fi ìdajì owó ilẹ̀ lé e, òdo ni mo ń ka éèsì sí níwájú rẹ̀.