Ẹ̀dínwó ìdá 10 kì í ṣe ìdá 10 èrè

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín àwọn tó ń ta ọjà fún alágbàtà tó máa ń dùn mí gan-an, nítorí pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kára ló ń ṣe ní jàǹbá jù. Wọ́n á ní bí ènìyàn bá ra ọjà púpọ̀, kí a yọ náírà 10 kúrò nínú gbogbo 100 fún un, pé ìdá 10 péré ló lọ, ọ̀pọ̀ ọjà tó rà á sì dí i. Pé ẹ̀dínwó máa ń mú kí ènìyàn ra ọjà sí i, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Ìbéèrè tèmi ni pé: ìdá 10 nínú kí ni?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń se ọṣẹ dúdú. Náírà 1,000 ló ń ta ike kan fún alágbàtà. Nígbà tí a jókòó ka owó àdín, eérú, igi ìdáná, ike àti owó ọmọ iṣẹ́, 800 ni ike kan ń ná an, èrè rẹ̀ jẹ́ 200. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan máa ń gba ike 12 lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èrè 2,400 nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wá kéde pé ẹni tó bá gba 20, òun á gba 900 lórí ike kọ̀ọ̀kan. Ìyá náà gba 20, inú ẹ̀gbọ́n mi sì dùn.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó.” Èrè 100 lórí ike 20 jẹ́ 2,000. Ó se ọṣẹ ike 8 sí i, èrè rẹ̀ sì fi 400 dín sí ti tẹ́lẹ̀. Ó ní mo ti ṣì í kà, ìdá 10 lòun yọ. Òótọ́ ni, ìdá 10 owó ọjà ni. Ṣùgbọ́n aládìn-ín kò dín owó fún un, oníke kò dín in, inú èrè nìkan ni 100 náírà yẹn ti jáde. Ìdajì èrè ló lọ. Ìyá náà gbọ́dọ̀ gba 24 kí ẹ̀gbọ́n mi tó padà sí 2,400 tó ń jẹ láìṣe wàhálà tẹ́lẹ̀.

Ibí yìí ló máa ń ṣòro fún àwọn ènìyàn láti gbà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ẹ mú èrè orí ọjà kan tẹ́lẹ̀, ẹ pín in sí èrè tó kù lẹ́yìn ẹ̀dínwó. 200 sí 100 jẹ́ 2: ọjà gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì. Bó bá jẹ́ pé 400 ni èrè orí ike kan, tí ẹ yọ 100, 300 ló kù, ìdámẹ́ta ọjà sí i ti tó. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ wo iye tí aládùúgbò yín ń dín kí ẹ sì ṣe bákan náà. Ẹ ò mọ iye tí ọjà tirẹ̀ ń ná an.

Àléébù kejì wà nínú ìkéde yẹn. Ẹni tó gba 19 san 19,000, ẹni tó gba 20 san 18,000. Ike kan sí i, owó sì dín. Mo ní kó fi 1,000 sílẹ̀ lórí ike 12 àkọ́kọ́, kó gba 900 láti orí ìkẹtàlá lọ. Ike 20 di 19,200, èrè rẹ̀ sì di 3,200. Ìyá náà ṣì ń rí ẹ̀dínwó, ẹ̀gbọ́n mi náà ò sì pàdánù ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò lè búra pé 3,200 yẹn èrè tuntun ni. Bí ìyá náà bá gba 20 lóṣù yìí, tí kò wá lóṣù tó ń bọ̀ nítorí ọṣẹ ṣì kún ṣẹ́ẹ̀fù rẹ̀, ọjà ọ̀la ni ẹ̀gbọ́n mi tà lónìí ní owó pọ́ọ́kú. Ìwé ló máa sọ: kó ka gbogbo ike tí ìyá náà rà ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ẹ̀dínwó, kó ka ti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Bí iye méjèèjì bá bára mu, ẹ̀dínwó náà kò mú ọjà wá.

Ó ṣeé ṣe kí ó ṣì níye lórí nígbà náà, bí ìrìn bá dín. 1,000 ni ọlọ́kadà ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi láti gbé ọṣẹ lọ. Ike 24 lẹ́ẹ̀kan dípò 12 lẹ́ẹ̀mejì yóò fi 1,000 pamọ́ fún un, ìyẹn sì lowó tó lè bá oníbàárà pín. Bó bá yọ 20 náírà lórí ike kọ̀ọ̀kan, 480 ló lọ, 520 kù sí i lọ́wọ́. Náírà 2 nínú gbogbo 100 nìyẹn, kì í ṣe 10. Ẹ sì má ṣèlérí ẹ̀dínwó fún ọdún kan gbáko: bí àdín bá wọ́n tí ike kan fi ń ná 900, ẹni tó ń gbà á ní 900 lọ́wọ́ yín ti ń gba iṣẹ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́.