Bí A Ṣe Ń Tọrọ Ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ Nígbà Tí Rósítà Bá Há

Títọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ fún Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ní ìṣòro kan tí ti Kérésìmesì kò ní. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni gbogbo ènìyàn ti mọ ọjọ́ tí Kérésìmesì máa bọ́ sí, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ kì í dájú títí di alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, nígbà tí Súlútáànì Sókótó bá kéde bóyá oṣù ti lé tàbí kò tíì lé. Bí oṣù bá lé, ọ̀la ni ọdún. Bí kò bá lé, ààwẹ̀ á pé ọgbọ̀n, ọdún á sì di ọ̀tunla. Rósítà ilé ìwòsàn kò lè dúró de alẹ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ti ilé ìtura, ti ilé epo àti ti àwọn ẹ̀ṣọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ níbí, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù ni a máa ń lẹ rósítà oṣù tó ń bọ̀ mọ́ ògiri. Èmi tí ṣíṣètò rósítà àwọn nọ́ọ̀sì jẹ́ ara iṣẹ́ mi lè sọ pé ẹni tó bá dúró de ìkéde oṣù kó tó la ẹnu ti pẹ́ jù, bí olórí rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Ohun tó máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà ni ìsinmi tí ìjọba ń kéde. Mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni ó máa ń kéde rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkéde náà kò ti ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù kankan, kò sì dá ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rósítà sílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìkéde ìjọba lè ṣáájú òṣùpá. Ní ọdún 2024, ọjọ́ kẹsàn-án àti ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin ni ìjọba kọ́kọ́ kéde. Nígbà tí oṣù kò lé ní alẹ́ ọjọ́ kẹjọ, ọdún bọ́ sí ọjọ́ kẹwàá, ìjọba sì fi ọjọ́ kọkànlá kún un. Ẹni tó ti fi gbogbo ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ gba ọjọ́ kẹsàn-án nìkan yóò jókòó sílé lọ́jọ́ ààwẹ̀, yóò sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa náà kò yanjú èyí. Ó ní kí òṣìṣẹ́ tó ti ṣe oṣù méjìlá gba ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà fún ìsinmi ọdọọdún pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ pípé, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí ọ̀kan nínú rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ ọdún ẹ̀sìn. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ bíi nọ́ọ̀sì tilẹ̀ gbọ́dọ̀ wo ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn, nítorí pé àwọn alágbàṣe àti akọ̀wé ni òfin yẹn dá lé jù lọ. Nítorí náà, àdéhùn ni ó kù, àdéhùn náà sì gbọ́dọ̀ gba ọjọ́ méjèèjì rò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún 2024 yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní wọ́ọ̀dù kan ní nọ́ọ̀sì mẹ́rin: ọ̀kan ní òwúrọ̀, ọ̀kan ní ọ̀sán, ọ̀kan ní alẹ́, ẹnì kẹrin sì ń sinmi. Mùsùlùmí ni ọ̀kan nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní Rìsíkátù. Bí Rìsíkátù bá tọrọ ọjọ́ kẹsàn-án àti ìkẹwàá pọ̀, àwọn mẹ́ta tó kù ni yóò gbé iṣẹ́ ọjọ́ méjèèjì láìsí ẹni tó máa sinmi, olórí yóò sì kọ̀, tí a kò sì lè dá a lẹ́bi. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni kí Rìsíkátù tọrọ, kí ó sì wá ẹnì kan tí wọn yóò jọ pín ọjọ́ méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a pe ẹni náà ní Fúnkẹ́. Lórí rósítà, Rìsíkátù yóò ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, yóò sì sinmi ní ọjọ́ kẹwàá. Fúnkẹ́ yóò sinmi ní ọjọ́ kẹsàn-án, yóò sì ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá. Bí oṣù bá lé ní alẹ́ ọjọ́ kẹjọ, àwọn méjèèjì yóò pààrọ̀ àyè. Bí kò bá lé, bí a ṣe kọ ọ́ náà ni yóò rí. Ọ̀nà yòówù kó gbà, ènìyàn mẹ́ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó pàdánù ìsinmi.

Iṣẹ́ alẹ́ ni ó máa ń ba ètò yìí jẹ́. Fúnkẹ́ kò gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ alẹ́ ní ọjọ́ kẹjọ, nítorí pé a lè nílò rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Rìsíkátù náà kò gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ alẹ́ ní ọjọ́ kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, nítorí pé òwúrọ̀ ọdún ni ọ̀kan nínú alẹ́ méjèèjì yóò parí sí, ẹni tó sì ń gbé iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ lè pẹ́ kó tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, títí wọn yóò fi kírun tán ní yídì.

Ó yẹ kí Rìsíkátù san oore Fúnkẹ́ padà, bí ó bá sì ṣeé ṣe, nínú oṣù kan náà. Lọ́dún náà, Ajé Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin. Rìsíkátù lè gba ọjọ́ náà ṣe fún Fúnkẹ́, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ iṣẹ́ òwúrọ̀, nítorí pé inú ààwẹ̀ ni ó wà, àkókò ìṣínu sì máa ń bọ́ sí àárín iṣẹ́ ọ̀sán.

Kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ náà mọ sáàárín ara wọn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rósítà ni a óò bi bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn, nítorí náà olórí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí rósítà tó jáde, kí ó sì kọ pàṣípààrọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé náà kò ní láti gùn:

«Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ń tọrọ ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ nìkan, tí yóò bọ́ sí ọjọ́ kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá oṣù Kẹrin. Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́ ti gbà láti ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó bá jẹ́ ọdún, èmi yóò sì ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí kì í ṣe ọdún. Bí ìkéde bá ti jáde ní alẹ́ ọjọ́ kẹjọ, èmi yóò pè yín, èmi yóò sì pe Fúnkẹ́. Èmi ni yóò ṣe òwúrọ̀ Ajé Àjíǹde dípò rẹ̀.»

Gbólóhùn tó sọ ẹni tí yóò pe ta ni àti ìgbà tí yóò pè é ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Nígbà tí kò bá sí nínú àdéhùn, oníkálukú máa ń rò pé ẹnìkejì ti gbọ́ lórí rédíò.

Àdéhùn ọjọ́ kan yìí kò tó ẹni tó fẹ́ lọ ṣọdún ní Ìkàrẹ́ tàbí ibòmíràn, nítorí pé ìrìn àjò náà á jẹ ọjọ́ tó ṣáájú. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tọrọ ìsinmi ọdọọdún rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó sì ṣe é kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bí olórí bá sì sọ pé òun kò lè yọ̀ǹda odindi ọjọ́, kí a tọrọ iṣẹ́ ọ̀sán fún ọjọ́ tó bá jẹ́ ọdún. Òwúrọ̀ ni a máa ń kírun ní yídì, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán yóò kírun, yóò sì bá àwọn ará ilé rẹ̀ jẹun.

Iléyá rọrùn díẹ̀ jù èyí lọ. Ọjọ́ kẹwàá oṣù ni ó máa ń bọ́ sí, nítorí náà bí oṣù náà bá ti lé, ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a fi mọ ọjọ́ náà gan-an kó tó dé. Síbẹ̀, rósítà lè ti jáde kí oṣù tó lé, ìwé ìtọrọ náà sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ọjọ́ méjèèjì bákan náà.