Ìyàwó Fẹ́ Jápa, Ọkọ Ní Òun Ò Lọ: Kí Ló Wà Nínú "Mi Ò Lọ" Yẹn?

Nínú àwọn tọkọtaya tó ń wá bá mi ní ọ́fíìsì mi n'Íbàdàn lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, ọ̀rọ̀ jápa ló ń gbé ọ̀pọ̀ wọn wá, kì í sì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ara wọn mọ́ o. Ọ̀kan ti ríṣẹ́ sókè òkun, èkejì ní òun ò lọ síbì kankan. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó ní òun ò lọ ni pé, "mi ò lọ" tẹ́ ẹ wí yẹn, èwo lẹ ní lọ́kàn gan-an? Ó lè jẹ́ pé èmi ò lọ o, àmọ́ ìwọ máa lọ. Ó lè jẹ́ pé ìwọ náà ò gbọdọ̀ lọ. Ó tún lè jẹ́ pé lọ tó o bá fẹ́, àmọ́ àwọn ọmọ ò kúrò nílẹ̀ yìí. Mo ti rí àwọn tó fi oṣù mẹ́rin jà, tí ọkọ ń sọ tilé, tí ìyàwó ń gbọ́ tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ n sọ ti àwọn kan, mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà níbẹ̀ kẹ́nikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Ìyàwó, nọ́ọ̀sì ni, ọkọ ń ta sípéà páàtì ní Agodi Gate, ọmọ méjì, ọ̀kan ọdún mẹ́sàn-án, èkejì ọdún mẹ́fà. Ìyàwó ti ṣe gbogbo ìdánwò tí wọ́n ní kó ṣe, ọsibítù kan ní Ìlú Ọba ti gbà á, ìwé spọ́ńsọ̀ ẹ̀ ti jáde. Ìwé yẹn, oṣù mẹ́ta péré lèèyàn ní láti fi wọlé fún fíísà, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ kò wúlò mọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ méje nígbà tí wọ́n wá bá mi, ọ̀rọ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ láàárín wọn mọ́.

Ọkọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mà, ẹ má bínú, kí n ti ṣọ́ọ̀bù mi pa kí n wá lọ máa nu ìdí àwọn arúgbó onílùú?" Ni ìyàwó bá bú sẹ́kún. Mo ní kí ìyàwó lọ jókòó ní pálọ̀ níta, mo wá ní kí ọkọ máa ka ohun tó máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ka ṣọ́ọ̀bù tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá. Ó ka ọmọ iṣẹ́ méjì, tí ọ̀kan ti fẹ́ ṣe fúrídọ̀ọ̀mù. Ó ka ìyá ẹ̀ tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́, tí àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù, tó ń lọ wò ní gbogbo Sátidé, tó jẹ́ òun gan-an ló ń gé èékánná fún màmá yẹn torí màmá ò jẹ́ kẹ́lòmíì fọwọ́ kàn án. Ó wá dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ló bá sọ èyí tó wà nísàlẹ̀ ikùn: "Mà, òun ló ni fíísà, èmi kàn rọ̀ mọ́ ọn ni. Tó bá wá bínú sí mi lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ìgbéraga lásán o, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe rí nínú òfin wọn, torí ìgbéyàwó ló gbé fíísà dípẹ́ńdáǹtì dúró. Bí wọ́n bá kọ ara wọn sílẹ̀ níbẹ̀, ìjọba lè gé fíísà èyí tó jẹ́ dípẹ́ńdáǹtì kúrú. Èmi ò lè sọ fún ọkùnrin pé kó má bẹ̀rù nǹkan tó jẹ́ òótọ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo pe ìyàwó wọlé, mo ní kí ọkọ tún un sọ lójú ẹ̀. Ìyàwó ò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń jà, ọ̀rọ̀ arúgbó yẹn nìkan ló ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló wá kàn. Lọ́kàn ìyàwó, bí ọkọ bá kọ̀, òun á kó àwọn ọmọ dání. Mo ní kó lọ bi lọ́yà tó mọ̀ nípa fíísà, ohun tí lọ́yà sì sọ fún un ni pé òfin wọn fẹ́ kí bàbá àti ìyá jọ máa bọ̀ ni, tàbí kí èkejì ti wà níbẹ̀, kí wọ́n tó fún ọmọ ní fíísà dípẹ́ńdáǹtì, àfi tí òbí kan bá ti kú, tàbí tí ẹni tó ń lọ bá lè fi hàn pé òun nìkan ló ń dá tọ́ ọmọ, tàbí kí ìdí pàtàkì gidi kan wà. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ ń gbé lọ síléèwé láràárọ̀, báwo ni ìyá ṣe fẹ́ sọ pé òun nìkan ló ń tọ́ ọ? Àwọn éjẹ̀ńtì kan máa ń ní kí ọkọ bá wọn débẹ̀, kó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó yọ́ padà wálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é, torí nínú fọ́ọ̀mù yẹn lẹ ti máa sọ pé ẹ fẹ́ jọ máa gbé pọ̀, tí wọ́n bá sì ká a mọ́ yín lọ́wọ́ pé irọ́ ni, fíísà gbogbo yín ló wà nínú ewu. Nọ́ọ̀sì tiẹ̀ ṣì láǹfààní àti mú ìdílé dání, àwọn tó gba iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ò ní in mọ́ láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, láti oṣù Keje ọdún 2025 wọn ò tiẹ̀ gba ẹni tuntun láti òkè òkun sí iṣẹ́ yẹn mọ́.

Bí ìyàwó ṣe gbọ́ báyìí ni ìjà yẹn yí padà. Kì í ṣe "ṣé màá lọ àbí mi ò ní lọ" mọ́, ó di "ṣé mo lè fi àwọn ọmọ mi sílẹ̀, fún ìgbà mélòó?" Ó sunkún sí i, àmọ́ ó ní òun á lọ. Ọkọ gbà pé kó máa lọ. Mo wá ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, a kọ ọ́ sínú ìwé ẹsẹ́sáìsì ọmọ wọn: ọdún méjì ló máa kọ́kọ́ fi lọ, lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá wọ́n á tún jókòó, ó máa wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, òun fúnra ẹ̀ ló máa san tíkẹ́ẹ̀tì, owó iléèwé ti ìyàwó ni, oúnjẹ ilé ti ọkọ ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí láìsọ fún èkejì. Àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú.

Ìwé yẹn ò ju ìwé lọ, àmọ́ ó níbi tó ti wúlò. Fún ẹni tó ṣègbéyàwó ní rẹ́jísírì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó láṣẹ, òfin ìkọ̀sílẹ̀ wa tọdún 1970 gbà kéèyàn gbé ẹjọ́ lọ síwájú adájọ́ tí èkejì bá ti pa á tì fún ọdún kan gbáko, tàbí tí wọ́n bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì tí èkejì ò sì bá a jiyàn, tàbí fún ọdún mẹ́ta, bó wù kó jiyàn bó wù kó má jiyàn. Ẹni tó bá lọ pẹ̀lú àdéhùn, ó ṣòro kí wọ́n tó ní ó pa ọkọ ẹ̀ tì. Àmọ́ ọdún mẹ́ta yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ lọ́nà ìbílẹ̀ nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ ni tiwọn, kò sí kíka ọdún báyìí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kó tó di ti kóòtù, ó ti máa ń hàn nínú fóònù. Tí ìpè yín bá ti di "ṣé owó yẹn ti wọlé" nìkan, tó jẹ́ ẹnu ẹ̀gbọ́n ọkọ ni ìyàwó ti ń gbọ́ pé ọmọ ṣe ibà lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ọkọ bá ti ra ilẹ̀ tí ò sọ, ẹ tètè wá ẹni bá yín dá sí i, ẹ má dúró dìgbà tó máa wálé.

Ó ti tó oṣù mọ́kànlá tó ti lọ báyìí. Owó ń wọlé, ọkọ ṣì ń lọ s'Ọ́yọ̀ọ́ ní Sátidé. Ohun tá a gbàgbé kọ sínú ìwé yẹn ló ń dààmú wọn: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn, tó ti pé mẹ́wàá báyìí, ò fẹ́ dá màmá ẹ̀ lóhùn lórí fídíò kọ́ọ̀lù mọ́, á ní òun ń sùn. Mo ti ní kí ìyàwó má bi í ní "ṣé o fẹ́ràn mi" mọ́, kó kàn máa pè ní aago méje alẹ́ lọ́jọ́ tí ò bá lọ síbi iṣẹ́, kí ọmọ máa ka ìwé Yorùbá iléèwé ẹ̀ sókè fún un, ojú ìwé kan péré. Lálẹ́ Tuesday tó kọjá ó ka ìdajì, ló bá lọ jẹun.