Ṣé Ọ̀làjú Ń Lé Ẹ̀sìn Lọ? Ohun Tí Èkìtì Fi Hàn

Nínú iṣẹ́ sẹ́mínà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ lórí tíọ́rì tó ní ọ̀làjú ń dín agbára ẹ̀sìn kù, àtakò wọn sábà máa ń parí sí gbólóhùn kan ṣoṣo: ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kún fọ́fọ́ ní Adó-Èkìtì, nítorí náà irọ́ ni tíọ́rì yìí. Ìdáhùn náà kò tó, nítorí pé ohun tí tíọ́rì náà ń sọ ju ẹyọ kan lọ.

Peter Berger, ọ̀kan nínú àwọn òpómúléró tíọ́rì náà, sọ fún ìwé ìròyìn kan ní Niu Yọ́ọ̀kì ní 1968 pé tó bá fi máa di sẹ́ńtúrì kọkànlélógún, àwọn onígbàgbọ́ yóò kù sí àwùjọ kéékèèké tó fara ti ara wọn. Nígbà tó di 1999, òun fúnra rẹ̀ ti yí ohùn padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ni José Casanova, tó fi hàn ní 1994 pé àbá mẹ́ta ni wọ́n dì pọ̀: pé ìjọba, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ń bọ́ kúrò lábẹ́ àkóso ẹ̀sìn, pé ìgbàgbọ́ ń dínkù, àti pé ẹ̀sìn ń di ọ̀rọ̀ inú yàrá, tí kò ní ohùn mọ́ láàárín ìlú. Ọ̀kan lè ṣẹ kí èkejì má ṣẹ.

Ẹ wo Kráìsì Sùkúù ní Adó-Èkìtì, tí Henry Dallimore ti Ìjọ Síẹ́mẹ́ẹ̀sì dá sílẹ̀ ní 1933. Ọwọ́ míṣọ́n ni àkóso wà nígbà náà. Láàárín àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àwọn ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́n sọ́wọ́ ara rẹ̀. Lónìí, ìjọba ló ń gba olùkọ́, Wáẹ́ẹ̀kì ló ń ṣe ìdánwò, kò sì sí bíṣọ́ọ̀bù tó lè yí máàkì ọmọ padà. Àbá kìíní ti ṣẹ nìyẹn, a ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ tì. Síbẹ̀, tí ẹ bá dúró síbi tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ti ń tò láàárọ̀, orin ìyìn àti àdúrà lẹ ó sábà gbọ́ kí wọ́n tó kọ orin orílẹ̀-èdè. Abala 10 nínú ìwé òfin 1999 kò gbà kí ìjọba sọ ẹ̀sìn kankan di ti orílẹ̀-èdè, bẹ́ẹ̀ ìjọba àpapọ̀ kan náà ló ní àjọ fún ìrìnàjò Mẹ́kà àti òmíràn fún ti Jerúsálẹ́mù. Àbá kẹta kò rí ẹsẹ̀ dúró lọ́dọ̀ wa.

Àbá kejì ló gba àròjinlẹ̀ jù. Rólà tí í tẹ títì ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wà fún ìjọba amúnisìn, ẹnu iṣẹ́ títì yìí ló sì wà ní 1928 nígbà tí rólà náà kọ̀ tí kò lọ mọ́, tó sì sọ pé òun gbọ́ ìpè Ọlọ́run. Ní 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ìwàásù rẹ̀ ní Iléṣà. Lẹ́yìn náà Babalọlá wá sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, níbi tí ọba ìlú ti gbàgbọ́, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n sin ín sí lẹ́yìn tó kú ní 1959. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ta ko tíọ́rì náà níbi tó dùn ún jù, torí pé ibi iṣẹ́ ọ̀làjú gan-an ni ìpè náà ti wá. Àwọn aṣíwájú Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi, ìjọ tó ti inú ìsọjí yìí jáde, kì í sì í ṣe púrúǹtù: Isaac Akinyẹlé, tó padà di Olúbàdàn, wà lára wọn.

Àwọn tó ń gbèjà tíọ́rì náà ní èsì. Pippa Norris àti Ronald Inglehart sọ ní 2004 pé ìbẹ̀rù àìsàn àti àìní ni ohun tó ń gbé ẹ̀sìn ró, kì í ṣe àìmọ̀wé. Ẹ̀rí wà fún wọn: àjàkálẹ̀ àrùn 1918 ló mú kí ẹgbẹ́ àdúrà kan bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ́ tó wà lára ìpìlẹ̀ Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi, àsìkò tí ọrọ̀ ajé ayé sì dẹnu kọlẹ̀ ni ìsọjí 1930 bọ́ sí. Ẹ lè bi wọ́n pé, kí ló dé tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa tó ní ilé àti ọkọ̀ kò fi kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì? Wọ́n á ní àwùjọ tí ènìyàn dàgbà sí ni àwọn ń wò, kì í ṣe àpò ẹnì kan. Ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lè má jáde kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìbẹ̀rù. Mo ka èsì yìí sí gidi. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè dáhùn gbogbo ìbéèrè, débi pé ó ṣòro láti rí ohun tí yóò já a nírọ́.

Ìkànìyàn 2006 kò béèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni, nítorí náà ṣọ́ọ̀ṣì tó kún kò lè sọ fún wa bóyá ìgbàgbọ́ ló pọ̀ sí i tàbí ènìyàn. Dípò kí ẹ ka orí lọ́jọ́ Àìkú, ẹ wá ìdílé díẹ̀ ní ìlú yín, kí ẹ sì béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ nígbà tó ṣàìsàn, àti ẹni tí wọ́n tẹ̀ lé nígbà tí ọ̀rọ̀ dókítà àti ti wòlíì kò bára mu.