Òòlù Tó Ń Pòórá

Àwọn ọmọkùnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Òkè-Fíà, ní Òṣogbo níbí. Bí iṣẹ́ bá ti dín, EURUSD, ìyẹn iye yúrò sí dọ́là, ni wọ́n ń wò. Lọ́jọ́ kan, èyí tó kéré jù nínú wọn na fóònù sí mi, ṣáàtì iye owó ló wà lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo òòlù yìí! Orí sọ́pọ́ọ̀tì gan-an ló jókòó sí. Ó di dandan kó gòkè."

"Ó di dandan" yẹn ni mo bá jà.

Àbẹ́là ni wọ́n ń pe àwọn igi pupa àti aláwọ̀ ewé tó wà lára ṣáàtì. Ohun mẹ́rin péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ: iye tí ọjà fi ṣí, iye tó ga jù, iye tó kéré jù, àti iye tí ọjà fi tì. Àárín ìṣí àti ìtì ni ara àbẹ́là. Ìlà tín-ín-rín tó yọ lókè tàbí nísàlẹ̀ ni òwú rẹ̀. Bí ìtì bá ju ìṣí lọ, àwọ̀ ewé. Bí kò bá tó o, pupa. Munehisa Homma, oníṣòwò ìrẹsì kan ní ilẹ̀ Jàpáánù ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó dá a sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń jiyàn rẹ̀. Steve Nison, ará Amẹ́ríkà, ló wá tú u fáyé rí nínú ìwé tó kọ ní 1991.

Òòlù ni àbẹ́là tí ara rẹ̀ kéré, tó wà lókè, tí òwú ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gùn tó ara náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán. Àwọn onímọ̀ ṣáàtì ní àwọn tó ń tà ló fà á lọ sílẹ̀, àwọn tó ń rà bá wọn wọ̀yá ìjà, wọ́n sì gbà á padà kí ọjọ́ tó parí. Nítorí náà, ó ti rẹ àwọn tó ń tà, ọjà fẹ́ yí padà. Ìtàn náà dùn létí. Mo mú owó ẹyọ náírà kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì ní ká dán an wò.

A bẹ̀rẹ̀ láti 500. Bí ojú bá yọ, a fi 1 kún un. Bí ẹ̀yìn bá yọ, a yọ 1 kúrò. Ìjù mẹ́sàn-án la pè ní ọjọ́ kan. Ẹ̀yìn, ẹ̀yìn, ojú, ẹ̀yìn, ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ojú mẹ́rin léraléra. Iye wa rìn báyìí: 499, 498, 499, 498, 497, 498, 499, 500, 501. Ó ṣí ní 500, ó rẹlẹ̀ dé 497, ó tì ní 501. Ara rẹ̀ jẹ́ 1, òwú ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 3. Òòlù pọ́nńbélé! Kò sẹ́ni tó rà, kò sẹ́ni tó tà, owó ẹyọ kì í sì í rẹ̀.

Mo tún jù ú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀yìn ló yọ lẹ́ẹ̀mejèèjì: 500, 499. Mo ní kí ọmọ náà gbàgbé ìjù méjì àkọ́kọ́, kó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ láti 498. Iye yẹn kan náà ni o. Ṣùgbọ́n báyìí, ó ṣí ní 498, ó ga dé 501, ó rẹlẹ̀ dé 497, ó tì ní 499. Òwú òkè ló wá gùn ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Òòlù ti pòórá.

Ó ní owó ẹyọ kì í ṣe ọjà. Mo ní kí òun àti ọ̀gá rẹ̀ gbé fóònù wọn síra, torí búrókà wọn, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà wọ ọjà, yàtọ̀. Ọjà owó ilẹ̀ òkèèrè kì í sùn láti òpin ọjọ́ Àìkú títí di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, búrókà ló ń pinnu ibi tí ọjọ́ parí sí. Àwọn kan ń gé e ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́ New York, èyí tó jẹ́ agogo 10 tàbí 11 alẹ́ lọ́dọ̀ wa. Àwọn mìíràn ń gé e ní agogo 12 òru London ní ìgbà òtútù, èyí tó jẹ́ agogo 1 òru fún wa. Òòlù wà lórí fóònù rẹ̀. Ti ọ̀gá rẹ̀, àbẹ́là pupa lásán ni.

Ní 2006, Marshall, Young àti Rose gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà tó wà nínú àkójọ Dow Jones, láti 1992 sí 2002. Wọ́n rà, wọ́n tà lórí ìwé bí àbẹ́là ṣe wí, wọn ò sì rí èrè kankan tí àyẹ̀wò lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára oríire. Àwọn onímọ̀ ṣáàtì á ní a kì í wo àbẹ́là nìkan, ibi tó bọ́ sí ló ṣe pàtàkì. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ, àbẹ́là ló gbà á. Bí kò bá jẹ, ìwọ lo ò wò ó dáadáa. Irú ẹjọ́ wo nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ sọ́pọ́ọ̀tì le díẹ̀ ju ìyẹn lọ, mi ò sì ní pè é ní irọ́. Sọ́pọ́ọ̀tì ni ilẹ̀ tí wọ́n ní iye owó ti máa ń ta padà. Rẹsísítáǹsì ni àjà tó máa ń forí gbá. Carol Osler, tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka New York ti báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, kó àwọn ìlà sọ́pọ́ọ̀tì àti rẹsísítáǹsì tí ilé-iṣẹ́ mẹ́fà ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà wọn láàárín 1996 sí 1998 jọ. Ó wá fi wọ́n wé ìlà tí kò nídìí kankan, tó kàn ṣèèṣì bọ́ síbi tó bọ́ sí. Níbi ìlà àwọn ilé-iṣẹ́, iye owó ta padà nígbà bíi 61 nínú 100. Níbi ìlà ṣèèṣì ńkọ́? Bíi 56.

Ẹ tún un kà. Ìlà tẹ́nì kankan ò ronú sí pàápàá máa ń "ṣiṣẹ́" ju ìdajì ìgbà lọ. Ohun tí ojú wa ń rí lórí ṣáàtì, 56 yẹn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, 5 tó kù yẹn nídìí, Osler kan náà ló sì tún fi hàn nínú iṣẹ́ tó ṣe ní 2003. Iye tó gún régé la máa ń fẹ́. Ẹni tó ń ná gàrí lọ́jà Ọba kì í dúró sórí 987, 1,000 ló ń sọ. Bákan náà ni àṣẹ ìkórè èrè, tí wọ́n ń pè ní TP, ṣe ń ṣùjọ sórí 1.1000, tí SL, àṣẹ tó ń dá àdánù dúró, sì ń ṣùjọ sí ìkọjá rẹ̀ díẹ̀. Àṣẹ ló mọ ilẹ̀ náà, kì í ṣe kọnkéré. Èyí tí ọjà bá ti jẹ ti tán nìyẹn, àfi bí àwọn mìíràn bá tún wá. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé ìlà tí wọ́n ti fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta gbọ́dọ̀ le sí i.

Òòlù ọjọ́ yẹn, 1.1005 ni ọmọ yìí fi rà, ó fi SL sí 1.0990. Iye owó já sí 1.0988, ó gbá a dànù, ó sì gòkè lọ sí 1.1040. "Wọ́n rí mi ni, ẹ̀gbọ́n. Búrókà yẹn ń ṣọ́ mi." Mi ò ní búra fún búrókà kankan o. Ṣùgbọ́n SL ẹni tó rà, àṣẹ títà ni. Bí àìmọye wọn bá wà pa pọ̀ nísàlẹ̀ 1.1000, bí ọ̀kan bá ti já, á ti èkejì, èkejì á ti ẹ̀kẹta. Kò nílò ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ibi tí gbogbo ayé fi tiwọn sí lòun náà fi tirẹ̀ sí.

Mo ní kó mú ìwé tó ń kọ ọ́ sí wá. Ó ti wọ ọjà nígbà 40 lórí ìlà. 20 pípù, ìyẹn ìṣísẹ̀ kékeré tí wọ́n fi ń ka iye owó, ló ń retí, 20 pípù ló fi ń dáàbò bo ara rẹ̀, búrókà ń gba 2 nígbà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ, 18 ló wọlé. Bó bá pàdánù, 22 ló lọ. Kó tó lè bọ́ lọ́wọ́ gbèsè, ó gbọ́dọ̀ jẹ nígbà 22 nínú 40. Ó ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: 21. Èrè 378, àdánù 418.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹyọ kan péré mà ló kù!" Ó ti ń fa ìlà mìíràn.